Ta Ló Ná Ọjà, Ta Ló Gbà? Ìgbà Tí Ọ̀rọ̀ Wọ́sáàpù Di Àdéhùn Tí Òfin Mọ̀

  Ohun tí a sọ nínú ètò ọ̀sẹ̀ yìí náà la kọ sílẹ̀ síbí. Ibi tí mo ti ń wúkọ́ nìkan la yọ kúrò.

Ọmọbìnrin kan láti Ṣàgámù ló fi ohùn ránṣẹ́ sí wa. Oṣù mẹ́ta péré ló ṣẹ̀ṣẹ̀ lò nínú òwò. Gàrí Ìjẹ̀bú ló ń rà lọ́wọ́ àwọn tó ń yan án, á kù ú dáadáa, á wọ̀n ọ́n ní kílò méjì méjì sínú ọ̀rá tó lórúkọ rẹ̀ lára, á sì máa tà á lórí fóònù. Lọ́jọ́ Ajé, ó gbé àwòrán rẹ̀ sórí sítátọ́ọ̀sì: “Gàrí Ìjẹ̀bú tó kan dáadáa, kílò méjì, ₦3,000.”

Lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun, ìyá kan tó ní ṣọ́ọ̀bù ní Ìkẹ́nnẹ́ kọ̀wé sí i: “Ẹ kú iṣẹ́ o. Mo rí gàrí yín. Ẹ bá mi kó ọgọ́rùn-ún ọ̀rá wá sí Ìkẹ́nnẹ́ lọ́jọ́ Ẹtì, ₦2,500 ni ọ̀kan. Tí ẹ bá ti gbé e dé ni màá sanwó.”

Ó fèsì pé: “Ẹ ṣé mà. Owó ọkọ̀ ti gbówó lórí o. ₦2,700 ni mo lè gbé e wá.”

Ìyá náà ò sọ nǹkan kan. Nígbà tó di alẹ́ Ọjọ́rú, àyà ọmọ wa bẹ̀rẹ̀ sí í já pé oníbàárà ńlá ti fẹ́ bọ́ lọ́wọ́ òun. Ó bá kọ̀wé pé: “Mà, ó dáa, mo gba ₦2,500 yẹn. Màá gbé e wá lọ́jọ́ Ẹtì.” Àmì méjèèjì di búlúù. Ìyá ti kà á. Kò fèsì.

Ní Ọjọ́bọ̀, ó fi owó àjọ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ kó ra gàrí, ó dì í mọ́jú. Lọ́jọ́ Ẹtì, ó háyà ọkọ̀ lọ sí Ìkẹ́nnẹ́. Ìyá jáde, ó wò ó, ó ní: “Háà, mo ti ra ti ẹlòmíì lánàá o. N ò mọ̀ pé ẹ ṣì ń bọ̀.”

Ìbéèrè rẹ̀ ni pé: “Ṣé n ò lè mú ìyá yẹn? Gbogbo rẹ̀ ló wà lórí Wọ́sáàpù. Òun ló kọ́kọ́ sọ pé ₦2,500, mo sì gbà á.”

Ìdáhùn tí màá fún un ò dùn, mo sì fẹ́ ká jọ rìn ín débẹ̀ díẹ̀díẹ̀, nítorí pé ọ̀pọ̀ wa ló ń ṣe àṣìṣe kan náà lójoojúmọ́ láì mọ̀.

Nǹkan mẹ́ta tí òfin ń wá

Tí ẹ bá gbé ọ̀rọ̀ lọ síwájú adájọ́ pé “a ti ṣe àdéhùn,” ohun mẹ́ta ló máa kọ́kọ́ wá. Èkíní ni ìfilọ̀: ẹnì kan gbọ́dọ̀ ti fi nǹkan lọ ẹnì kejì, tó ṣe kedere, tó fi jẹ́ pé “mo gbà” nìkan ló kù. Èkejì ni ìgbà: ẹnì kejì gbọ́dọ̀ ti gba ohun náà gẹ́lẹ́ bí wọ́n ṣe fi lọ̀ ọ́, kó sì jẹ́ kí ẹni tó fi lọ̀ ọ́ mọ̀. Ẹ̀kẹta ni ohun tí àwọn lọ́yà ń pè ní kọnsidéréṣàn. Èmi yóò pè é ní ohun pàṣípààrọ̀: ẹnì kọ̀ọ̀kan gbọ́dọ̀ mú nǹkan wá sórí tábìlì nítorí ti ẹnì kejì. Òfin tún máa ń wò ó bóyá àwọn méjèèjì ní in lọ́kàn pé kí ọ̀rọ̀ náà de àwọn, ṣùgbọ́n láàárín ọlọ́jà àti oníbàárà, ìyẹn kì í sábà di ìjà.

Òfin yìí wá láti inú ìdájọ́ àwọn adájọ́ ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, òun náà sì ni ilé ẹjọ́ Nàìjíríà ń lò. Ṣùgbọ́n ẹ má jẹ́ kí ìyẹn bà yín lẹ́rù. Ẹni tó bá ti tẹ̀ lé ìyá rẹ̀ lọ ọjà rí ti mọ ìdajì rẹ̀.

Ìwọ tó ń ná ọjà lo ń fi nǹkan lọni

Ẹ jẹ́ ká lọ sí ọjà. O dúró níwájú ìyá aláṣọ. O ní, “Èló lèyí?” Ó ní ₦8,000. O ní, “Ẹ gbà ₦5,000.” Ó ní kò gbà. O ní, “₦5,500.” Kò tíì dáhùn, o bá yíjú padà láti máa lọ. Lẹ́yìn tó o ti gbé ẹsẹ̀ mẹ́rin, ó ké sí ọ: “Ó yá, mú owó wá!”

Gbogbo wa la mọ ohun tó máa ṣẹlẹ̀ tó o bá sọ pé o ò rà á mọ́. Àwọn tó wà ní ìsọ̀ kejì pàápàá á bá ọ wí. Wọ́n á ní ta ló ní kó o máa ná ohun tó ò fẹ́ rà. Kí ni wọ́n ń bínú sí? O lè na ẹsẹ̀ kiri gbogbo ọjà kó o máa béèrè iye, kò sẹ́ni tó máa bínú tó bẹ́ẹ̀. Ohun tó ń bí wọn nínú ni pé ìwọ lo dá iye, ọlọ́jà sì ti sọ pé òun gbà.

Ohun tí òfin sọ gan-an nìyẹn. Ọjà tí wọ́n pàtẹ kì í ṣe ìfilọ̀. Ó kàn ń pè ọ́ pé kó o wá ná an ni. Ìwọ oníbàárà, nígbà tó o sọ pé “₦5,500,” ìwọ lo fi nǹkan lọni. Kí ọlọ́jà tó dáhùn, o ṣì lè yí ọ̀rọ̀ rẹ padà. Tó bá ti ní “mú owó wá,” ilẹ̀kùn ti tì.

Ìdí tí òfin fi ṣe é bẹ́ẹ̀ rọrùn. Ká sọ pé sítátọ́ọ̀sì tí ọmọ wa gbé síta jẹ́ ìfilọ̀, tí èèyàn ogójì sì fèsì pé “mo rà á,” nígbà tó jẹ́ ọ̀rá mẹ́wàá ló ní nílé. Àdéhùn ogójì ló máa wà lọ́rùn rẹ̀, á sì ti yẹ ọgbọ̀n nínú rẹ̀ kó tó jí láàárọ̀. Nítorí náà, ìpolówó ń pe oníbàárà wá, oníbàárà ló ń fi nǹkan lọ ọlọ́jà, ọlọ́jà ló sì ń yàn bóyá òun á gbà.

Ẹ ṣọ́ra níbì kan o. Tí ìpolówó yín bá ṣe ìlérí tó dájú fún ẹni tó bá ṣe nǹkan kan pàtó, ó lè di ìfilọ̀. Ní 1892, ilé ẹjọ́ ní London dá ilé iṣẹ́ kan lẹ́bi tó polówó nínú ìwé ìròyìn pé ẹni tó bá lo oògùn òun bí òun ṣe ní kí wọ́n lò ó, tí àìsàn inífílúẹ́ńsà bá tún mú un, òun á fún un ní 100 pọ́n-ùn. Wọ́n tún kọ ọ́ síbẹ̀ pé àwọn ti kó 1,000 pọ́n-ùn sí báńkì láti fi hàn pé àwọn ò ṣeré. Ìyáàfin Carlill lò ó, àìsàn náà mú un, ó sì gba owó rẹ̀. Nítorí náà, kí ẹ tó kọ ọ́ sórí Ínsítágíráàmù pé “ẹni ogún àkọ́kọ́ tó bá ra ọ̀rá márùn-ún máa gba ọ̀kan sí i,” ẹ ka ọ̀rá yín.

Ná-an-kí-n-gbọ́ tó dé ilé ẹjọ́ tó ga jù lọ

Ẹ má rò pé ọ̀rọ̀ ọjà kékeré nìkan lèyí. Ní 2004, àjọ ìjọba àpapọ̀ tó ń ta àwọn ilé iṣẹ́ ìjọba, ìyẹn BPE, pàtẹ ilé iṣẹ́ alúmíníọ̀mù tó wà ní Ikot Abasi, ní ìpínlẹ̀ Akwa Ibom. Wọ́n ní kí àwọn tó bá fẹ́ ẹ wá dá iye. Ilé iṣẹ́ kan tó ń jẹ́ BFIG dá 410 mílíọ̀nù dọ́là. BPE kéde pé àwọn ló gbégbá orókè. Lẹ́yìn náà ni ìjà bẹ̀rẹ̀ lórí bí ìdá mẹ́wàá owó náà ṣe máa wọlé àti ìgbà tó yẹ kó wọlé. BPE ní àwọn ò ṣe mọ́, ilé iṣẹ́ náà sì bọ́ sọ́wọ́ ẹlòmíì.

BFIG pàdánù ní ilé ẹjọ́ àkọ́kọ́, wọ́n tún pàdánù ní kòtẹ́milọ́rùn. Ṣùgbọ́n ní oṣù keje 2012, ilé ẹjọ́ tó ga jù lọ dá wọn láre. Àlàyé àwọn adájọ́ kò yàtọ̀ sí ti ìyá aláṣọ wa. Pípè tí BPE pe àwọn èèyàn láti wá dá iye kì í ṣe ìfilọ̀, ìpè ni. Iye tí BFIG dá ni ìfilọ̀. Nígbà tí BPE sì sọ pé àwọn gbà á, àdéhùn ti wà. Ẹni tó bá ti sọ pé “mú owó wá” kò tún lè ṣàdédé yí ohun tí wọ́n jọ fẹnu kò lé lórí padà.

Ẹni tó bá dá iye mìíràn ti pa ti àkọ́kọ́

Ẹ jẹ́ ká padà sọ́dọ̀ ọmọ wa. Lọ́jọ́ Ajé, sítátọ́ọ̀sì rẹ̀ jẹ́ ìpè lásán. Lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun, ìyá Ìkẹ́nnẹ́ ló fi nǹkan lọ̀ ọ́, ó sì ṣe kedere gan-an: ọgọ́rùn-ún ọ̀rá, ₦2,500 ọ̀kan, ọjọ́ Ẹtì, Ìkẹ́nnẹ́, owó lẹ́yìn tí ọjà bá dé. ₦250,000 ni gbogbo rẹ̀. Tó bá jẹ́ pé ó kọ “mo gbà, mà” lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀, ọ̀rọ̀ ti parí.

Ṣùgbọ́n ó ní “₦2,700.” Òfin kì í ka ìyẹn sí “mo gbà, àmọ́.” Ohun tó kà á sí ni pé ó kọ ti ìyá, ó sì gbé tirẹ̀ kalẹ̀. Ìgbà tó sì ti kọ ti ìyá, ₦2,500 yẹn ti kú. Kò sí níbẹ̀ mọ́ tó lè padà lọ gbé.

Ẹjọ́ tó fi èyí lélẹ̀ ti pẹ́ gan-an. Ní ọjọ́ kẹfà oṣù kẹfà ọdún 1840, Ọ̀gbẹ́ni Wrench fi oko rẹ̀ lọ Ọ̀gbẹ́ni Hyde ní 1,000 pọ́n-ùn. Hyde ní òun á san 950. Wrench ní kò gbà. Ní ọjọ́ kọkàndínlọ́gbọ̀n oṣù náà, Hyde sáré padà wá pé ó dáa, òun gba 1,000 náà. Wrench ò dá a lóhùn. Hyde gbé e lọ sílé ẹjọ́, adájọ́ sì sọ fún un pé nígbà tó dá 950, òun fúnra rẹ̀ ló pa 1,000. Bí ọmọ wa ṣe ṣe ní alẹ́ Ọjọ́rú náà nìyẹn. Ohun tó kọ ní alẹ́ yẹn kì í ṣe ìgbà, bó tilẹ̀ jẹ́ pé “mo gba” ló wà nínú rẹ̀. Ìfilọ̀ tuntun ni, òun ló sì fi lọ ìyá.

Ṣé ó túmọ̀ sí pé ọlọ́jà ò lè béèrè fún owó sí i? Rárá o. Ó lè béèrè, kó sáà jẹ́ pé ìbéèrè ló jẹ́. Wo ìyàtọ̀ tó wà láàárín “₦2,700 ni mo lè gbé e wá” àti “Ẹ ṣé mà. Kí n tó dáhùn, ṣé ẹ lè ràn mí lọ́wọ́ lórí owó ọkọ̀?” Gbólóhùn kejì kò kọ nǹkan kan, bẹ́ẹ̀ ni kò dá iye kankan. Ní 1880, nínú ẹjọ́ kan lórí irin, ilé ẹjọ́ Gẹ̀ẹ́sì gbà pé ẹni tó kàn béèrè bóyá àyè wà láti sanwó díẹ̀díẹ̀ kò tíì pa ìfilọ̀ tó wà nílẹ̀. Ó ṣì lè gbà á, tí ẹni tó fi lọ̀ ọ́ kò bá tíì sọ fún un pé òun ti yí ọkàn padà.

Búlúù kì í ṣe bẹ́ẹ̀ni

Ní alẹ́ Ọjọ́rú, ìbéèrè tó kù wá di pé: ṣé ìyá Ìkẹ́nnẹ́ gba ìfilọ̀ tuntun yẹn? Ó kà á. Kò fèsì. Nínú òfin, ẹni tó dákẹ́ kò tíì gbà. Ní 1862, ọkùnrin kan kọ̀wé sí ọmọ ẹ̀gbọ́n rẹ̀ pé tí òun ò bá gbọ́ nǹkan kan mọ́ nípa ẹṣin rẹ̀, òun á kà á sí pé ẹṣin náà ti di tòun ní iye tí òun dá. Ọmọ náà tilẹ̀ fẹ́ kó rà á, ṣùgbọ́n kò dá a lésì. Ilé ẹjọ́ ní kò sí àdéhùn. O ò lè sọ ìdákẹ́jẹ́ ẹlòmíì di bẹ́ẹ̀ni. Bí kò bá jẹ́ bẹ́ẹ̀ ni, ẹnikẹ́ni lè fi ọjà ránṣẹ́ sí ọ lórí fóònù kó sì ní o ti rà á nítorí pé o kà á.

Àtàǹpàkò tí a máa ń tẹ̀ sórí Wọ́sáàpù ńkọ́? Ọ̀rọ̀ ìyẹn yàtọ̀. Ní ìpínlẹ̀ Saskatchewan ní Kánádà, oníṣòwò kan fi fọ́tò ìwé àdéhùn ránṣẹ́ sí àgbẹ̀ kan ní 2021, pé kó fọwọ́ sí i. Àgbẹ̀ náà dá a lóhùn pẹ̀lú 👍. Nígbà tó di àsìkò, kò kó ọjà wá. Ó ní òun kàn ń sọ pé òun ti rí ìwé náà ni. Ní 2023, adájọ́ wo bí àwọn méjèèjì ṣe ti ń ṣe é tẹ́lẹ̀. Ó rí i pé àgbẹ̀ náà máa ń fi ọ̀rọ̀ kúkúrú bí “ó dáa” dáhùn, lẹ́yìn náà á sì kó ọjà wá. Adájọ́ ní àtàǹpàkò yẹn ti gbà á, ó sì ní kí àgbẹ̀ san owó tó lé ní 82,000 dọ́là Kánádà. Ìdájọ́ Kánádà kò de adájọ́ wa níbí, ṣùgbọ́n ẹ̀kọ́ inú rẹ̀ wúlò: adájọ́ á wo ohun tí ẹ jọ ń ṣe tẹ́lẹ̀ láti mọ ohun tí àmì yín túmọ̀ sí. Nítorí náà, tí ẹ bá ń fẹ́ sọ pé “mo ti rí i, mà á rò ó,” ẹ kọ ọ́ bẹ́ẹ̀. Ẹ má kàn tẹ àtàǹpàkò.

Ibi tí a dé rèé, arábìnrin mi ní Ṣàgámù. Ìfilọ̀ ìyá kú lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun, o fi tìrẹ lọ̀ ọ́ ní Ọjọ́rú, kò gbà á. Kò sí àdéhùn. Ó yẹ kí ìyá náà dá ọ lóhùn, ìwà ọmọlúàbí ló sì jẹ́. Ṣùgbọ́n òfin kò ní fi ìyẹn gba ₦250,000 fún ọ.

Ká ní ìyá fèsì

Ẹ jẹ́ ká yí ohun kan ṣoṣo padà. Ká ní ìyá kọ ọ́ ní alẹ́ Ọjọ́rú pé, “Ó dáa, mo ń retí yín lọ́jọ́ Ẹtì.” Ọ̀pọ̀ máa sọ pé kò tíì sí àdéhùn, pé ìyá ò tíì san kọ́bọ̀. Àṣìṣe nìyẹn. Ohun pàṣípààrọ̀ kò ní láti jẹ́ owó tó ti bọ́ sọ́wọ́. Ìlérí fún ìlérí ti tó: ọmọ wa ṣèlérí gàrí, ìyá ṣèlérí owó, ti ẹnì kọ̀ọ̀kan ló fa ti ẹnì kejì. Láti alẹ́ yẹn, àwọn méjèèjì ti wà nínú rẹ̀. Bí ìyá bá lọ ra ti ẹlòmíì ní Ọjọ́bọ̀, ó ti yẹ àdéhùn.

Kí ni ọmọ wa á wá rí gbà? Kò ní í ṣe ₦250,000 kó sì tún kó gàrí rẹ̀ lọ sílé. Òfin fẹ́ gbé e dé ibi tí ì bá wà ká ní ìyá mú ìlérí ṣẹ ni. Òfin kò sì gbà kó jókòó ti gàrí títí tó fi máa bu. Ó gbọ́dọ̀ gbìyànjú láti tà á. Ká ní ó rí i tà fún ẹlòmíì ní ₦2,200. Àdánù rẹ̀ lórí ọ̀rá kọ̀ọ̀kan jẹ́ ₦300, lórí ọgọ́rùn-ún sì jẹ́ ₦30,000. Ẹ fi owó ọkọ̀ tó tún ná láti gbé e lọ sọ́dọ̀ oníbàárà kejì kún un. Ohun tó lè béèrè nìyẹn.

Èènì àti gbèsè tí wọ́n gé kù

Ohun pàṣípààrọ̀ yìí ló máa ń rú àwọn tó ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀ òwò lójú jù, ẹ jẹ́ kí n fi nǹkan méjì ṣàlàyé rẹ̀.

Èkíní ni èènì. Tí o bá ti ra gàrí, tó o ti sanwó, tí ọlọ́jà wá ní “padà wá lọ́la, màá bu èènì fún ẹ,” o ò lè mú un tí kò bá bù ú. O ò fi nǹkan kan gba èènì yẹn. Owó rẹ ti lọ fún gàrí tẹ́lẹ̀. Ẹ̀bùn ni. Bákan náà ni tí oníbàárà bá ní inú òun dùn sí bí ẹ ṣe tètè gbé ọjà dé, òun á fi ₦20,000 kún un fún yín níparí oṣù. Iṣẹ́ ti parí kí ìlérí tó dé, kò sì sí ohun tuntun tí ẹ fi gbà á. Ṣùgbọ́n tó bá jẹ́ pé ẹ ti sọ ọ́ kí ẹ tó fẹnu kò, pé “tí ẹ bá gbé e dé kí aago mẹ́sàn-án tó lù, màá fi ₦20,000 kún un,” ara àdéhùn nìyẹn. Ìgbà tí ẹ sọ ọ̀rọ̀ ló mú ìyàtọ̀ wá.

Èkejì ni gbèsè. Ẹ ti kó ọjà ₦250,000 fún ẹnì kan. Ó wá fi ₦200,000 ránṣẹ́ ní ọjọ́ tó yẹ kó san gbogbo rẹ̀, ó ní, “Ẹ jẹ́ kó parí síbẹ̀, ọjà ò tà.” Ẹ sì fi ìbínú sọ pé, “Ó dáa, ó parí.” Ṣé ẹ ṣì lè béèrè ₦50,000 tó kù? Láti 1602, nínú ẹjọ́ tí wọ́n ń fi orúkọ Pinnel pè, àwọn adájọ́ Gẹ̀ẹ́sì ti sọ pé ẹni tó san díẹ̀ lára ohun tó jẹ kò tíì fi nǹkan kan ra ìyókù. Ó yẹ kó san ₦200,000 yẹn tẹ́lẹ̀. Ṣùgbọ́n tó bá fi ohun mìíràn kún un, bó ti wù kó kéré mọ, ìyàtọ̀ ti dé. Àwọn adájọ́ ìgbà náà dárúkọ ẹṣin, àṣá àti aṣọ. Bákan náà ni tí ẹ bá bẹ̀ ẹ́ kó san ₦200,000 kí ọjọ́ tó pé, tó sì ṣe é: ó ti fún yín ní nǹkan tí ẹ ò ní ẹ̀tọ́ sí, ìyókù lè parí síbẹ̀.

Ìkìlọ̀ kan wà níbẹ̀. Tí ọ̀rọ̀ ẹnu yín bá ti mú kí ẹni náà fi ọkàn balẹ̀ débi tó fi ná owó rẹ̀ sí ibòmíràn, adájọ́ lè sọ pé kò dára kí ẹ yí padà lójijì. Nítorí náà, tí ẹ ò bá fẹ́ fi owó sílẹ̀, ẹ kọ ọ́ pé “Mo rí ₦200,000. Ó ku ₦50,000.” Gbólóhùn méjì yẹn ti tó.

Ohun tí màá kọ ká ní èmi ni

Àdéhùn ọjà kò ní láti wà lórí ìwé kó tó de èèyàn. Ọ̀rọ̀ ẹnu lè ṣe é. Ti ilẹ̀ ló yàtọ̀: ẹ má ṣe ra ilẹ̀ lórí ọ̀rọ̀ ẹnu, òfin fẹ́ rí ìwé níbẹ̀. Ìṣòro ọ̀rọ̀ ẹnu lórí ọjà ni pé ta ló máa jẹ́rìí? Ìdí nìyẹn tí Wọ́sáàpù fi dára. Òfin ẹ̀rí ti 2011, ní abala 84, gba ohun tó wà nínú kọ̀ǹpútà àti fóònù láàyè nílé ẹjọ́, bí a bá ti mú ohun tó béèrè ṣẹ, títí kan ìwé ẹ̀rí tó ṣàlàyé bí ẹ̀rọ náà ṣe gbé e jáde. Lọ́yà yín á bá yín ṣe ìyẹn. Tiyín ni pé kí ẹ má pa ọ̀rọ̀ náà rẹ́, kí ẹ má sì jẹ́ kó di ọ̀rọ̀ tó ń pa ara rẹ̀ rẹ́ lẹ́yìn ọjọ́ méje.

Kí ẹ tó ná kọ́bọ̀ lórí ọjà ẹlòmíì, ẹ kó gbogbo ohun tí ẹ ti sọ sínú ọ̀rọ̀ kan, kí ẹ sì béèrè ìdáhùn. Fún ọmọ wa, bó ṣe yẹ kó rí ní alẹ́ Ọjọ́rú rèé:

“Ẹ kú alẹ́ mà. Ọgọ́rùn-ún ọ̀rá gàrí Ìjẹ̀bú, kílò méjì ọ̀kan, ₦2,500 ọ̀kan, àpapọ̀ ₦250,000. Màá gbé e dé ṣọ́ọ̀bù yín ní Ìkẹ́nnẹ́ lọ́jọ́ Ẹtì kí aago méjìlá ọ̀sán tó lù. Ẹ ó san ₦100,000 sílẹ̀ kí n tó ra gàrí, ìyókù tí ọjà bá dé. Tí ẹ bá gbà, ẹ jọ̀ọ́ ẹ kọ ‘Mo gbà’ kí aago mẹ́wàá alẹ́ òní tó lù. Tí n ò bá gbọ́ nǹkan kan, n ò ní í ra gàrí náà.”

Ẹ wo gbólóhùn tó gbẹ̀yìn yẹn. Ó fi ọjọ́ ikú sí ìfilọ̀ náà, ó sì jẹ́ kí ìdákẹ́jẹ́ túmọ̀ sí bẹ́ẹ̀kọ́, bí òfin náà ṣe kà á. Àsansílẹ̀ náà kọ́ ló ń sọ ọ́ di àdéhùn, “mo gbà” ló ń ṣe ìyẹn. Ṣùgbọ́n ẹni tó bá ti san ₦100,000 kì í gbàgbé pé ẹ ń bọ̀.

Arábìnrin wa ti ta gàrí náà tán, ó sọ fún wa. Ó tà á ní ọ̀kọ̀ọ̀kan àti méjì méjì, ó sì fi ọ̀sẹ̀ méjì jẹ gàrí tirẹ̀ láàárọ̀. Ìyá Ìkẹ́nnẹ́ tún ti kọ̀wé sí i lọ́jọ́ Àìkú tó kọjá pé òun fẹ́ àádọ́ta ọ̀rá. Ó ní kí n bá òun wo ohun tí òun máa dá a lóhùn. Mo ní kó lọ ka ìpínrọ̀ tó wà lókè yìí, kó pààrọ̀ iye, kó sì fi ránṣẹ́.

Tí ìwọ náà bá ní irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀ lórí fóònù rẹ, tí o ò mọ̀ bóyá àdéhùn ti wà níbẹ̀ tàbí kò sí, fi ohùn ránṣẹ́ sí wa. Yọ orúkọ oníbàárà rẹ kúrò. Ó dìgbà kan ná.